Nígbà Tí Gbogbo B Di A

Nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù abiyamọ ń ṣèwádìí ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Màámi Kọ́mà, torí kọ́mà kan ṣoṣo tó bá sọnù lè mú kó dá odindi ìwé padà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ́fíìsì tó ń gba ìwé ìwádìí yóò ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

“Ta ni et al. níbí?” Màámi Kọ́mà fi bírò gún ojú ìwé. “Èèyàn méjì ló kọ eléyìí. Bó bá jẹ́ méjì, orúkọ méjèèjì lo máa kọ nígbà gbogbo. Ó di mẹ́ta sókè kó o tó kọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́, kó o wá fi et al. gé ìyókù.”

“Mo ti gbọ́, mà,” Nọ́ọ̀sì dáhùn.

“O ò tíì gbọ́. Àwọn méjì yìí kan náà kọ iṣẹ́ méjì lọ́dún 2018, lẹ́tà a àti b la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ló dé tí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘Ìdílé’ fi jẹ́ a?”

“Òun ni mo kọ́kọ́ kà, mà.”

“Ta ló bi ọ́ léyìí tó o kọ́kọ́ kà? Bí àkọlé wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú àkójọ ìwé la fi ń pín in. ‘Àlejò’ ṣáájú ‘Ìdílé’. Àlejò ni a, Ìdílé ni b. Lọ pààrọ̀ wọn.” Ó kó ìwé náà sábẹ́ apá, ó bá ìpàdé lọ.

Inú ń bí Nọ́ọ̀sì dé ilé ìkàwé. Ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo 2018a di 2018b. Ó ṣe é. Ó tún ní kó sọ gbogbo 2018b di 2018a. Ìyẹn náà, ó ṣe é, ọ̀dájú ni ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì fi iṣẹ́ pamọ́, ó pa á dé, ó tún un ṣí. Kò sí b kankan mọ́. Ìpààrọ̀ àkọ́kọ́ ti da méjèèjì pọ̀, èkejì sì sọ gbogbo wọn di a. Kò sì tọ́jú àdàkọ mìíràn; èyí tó tẹ̀ sórí ìwé ti bá Màámi Kọ́mà lọ sípàdé.

Kí ló kù? Ó ṣí iṣẹ́ méjèèjì, ó ń yẹ ibi tó ti dárúkọ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò kì í jẹ́ kí abiyamọ sùn: a. Ẹbí ń jẹ́ kó jẹun: b. Bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ pè. “Ṣó ti parí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí!” Ó pa fóònù.

Ó wá ku gbólóhùn kan, èyí tí gbogbo àbájáde ìwádìí rẹ̀ dúró lé: abiyamọ tí ìyá rẹ̀ bá jókòó tì kì í pe nọ́ọ̀sì, kódà bí ara bá ń ni ín. Ó wá a nínú Àlejò, kò sí. Ó wá a nínú Ìdílé, kò sí. Ó tún wá a, bíi pé ó máa hù níbẹ̀.

Màámi Kọ́mà ti ìpàdé dé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. “A ni àbí b?”

“Kò sí nínú méjèèjì, mà.”

“Ta ló wá sọ ọ́?”

Nọ́ọ̀sì ṣí orí kẹrin, níbi tó kọ ọ̀rọ̀ àwọn abiyamọ wọ́ọ̀dù rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló wà. Ó rántí ìdí tó fi kọ ọ́ sórúkọ àwọn oníwádìí méjì yẹn: ẹ̀rù ló bà á. Ta ni yóò gba nọ́ọ̀sì gbọ́?

“Èmi ni, mà.”

“Kí lo wá ń dúró dè?”

Ó pa orúkọ méjèèjì rẹ́. Ó pa 2018 rẹ́, ó pa a rẹ́. Omijé ń dí i lójú bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tuntun: “Mo rí i pé…”