Ohun Dúdú Tí Wọ́n Rí Nínú Orí Ògúnbùnmi

Orí ibùsùn ni Ògúnbùnmi, ọdẹ Ayétẹ̀, wà nígbà tí òòyì kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, àjà ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣubú lọ́nà oko, tó fi orí gbálẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Kẹ́hìndé, tíṣà ní Lanlatẹ̀, gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìgbó-Ọrà, dókítà ibẹ̀ sì ní kí wọ́n lọ ya àwòrán orí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ síkáànì ní Abẹ́òkúta.

Èsì tó jáde kò dára. Wọ́n ní nǹkan dúdú kan wà lẹ́yìn ọpọlọ, bóyá kókó, bóyá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́. Wọ́n tún ní egungun orí rẹ̀ là. Ó di kó lọ rí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn.

 Ògúnbùnmi ránṣẹ́ pe Sàlámì, tí wọ́n ti jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà èwe, ó ní kó wá máa tọ́jú àwọn ajá òun. Sàlámì fi àwọn ajá sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì bá wọn lọ sí Ìbàdàn.

Dókítà Ọmọ́tárá, ẹni tó ń ka àwòrán, ló pè wọ́n wọlé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Sàlámì jókòó síta. Ìwọ̀nba àwòrán díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta. Gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀ ni dókítà yìí ṣí sórí kọ̀ǹpútà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irin wo ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín?”

Kẹ́hìndé ló dáhùn pé kò sí irin kankan, pé kùkùté igi ló gún bàbá òun níbẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì bí òun. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ nìyẹn. Ògúnbùnmi wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọta ìbọn ni.”

Dókítà fi hàn wọ́n. Àwọn ọta kéékèèké náà funfun báláú, ìlà funfun àti ìlà dúdú sì ń ṣẹ́ yọ lára wọn bí ẹ̀gún. Ó ní ìtànṣán ẹ̀rọ kì í lè ráyè gba ara irin kọjá dáadáa, àwòrán á wá dàrú lọ́nà tí irin wà. Àwọn ìlà náà gba inú egungun àti ọpọlọ, wọ́n tún jáde síta orí, sínú afẹ́fẹ́ lásán, ibi tí àìsàn kankan kò lè dé. Ojú ọ̀nà wọn gan-an sì ni ohun dúdú náà wà. Ó bi bàbá bóyá ó wúkọ́ nínú ẹ̀rọ. Bàbá ní òun wúkọ́. Ìdí nìyẹn tí etí egungun fi di méjì níbẹ̀, tí wọ́n fi rò pé ó là. Awọ orí náà sì di méjì ní ojú kan náà.

“Ṣùgbọ́n n kò tíì ní kò sí nǹkan o,” dókítà wí. “Irú ìlà yìí lè bo àrùn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. A máa tún un yà.”

Ó ní ní Abẹ́òkúta, bàbá gbé àgbọ̀n sókè ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì bá ẹ̀yìn ọpọlọ dọ́gba. Wọ́n máa ní kó fa àgbọ̀n mọ́ àyà báyìí. Bó bá jẹ́ àrùn ni ohun dúdú náà, á dúró síbi tó wà. Bó bá jẹ́ ìlà ni, á bá ọta lọ. Ó sì kìlọ̀ pé kí bàbá máa sọ nípa ọta náà kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ kankan, pàápàá èyí tó ń lo òòfà, tó máa ń fa irin.

Nígbà tí wọ́n ń retí ẹ̀rọ, Ògúnbùnmi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Koríko mì, Sàlámì rò pé òyà ni, ó yìnbọn. Sàlámì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó nígbà náà. Bí ìlú bá gbọ́, kò ní lè wọ igbó pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́, ni wọ́n fi ní kùkùté igi ni. Òun gan-an ló gbé Ògúnbùnmi kọ́rùn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní Ìdèrè, tó yọ àwọn ọta tó rí yọ, tí ìyókù sì kù síbẹ̀.

Wọ́n fi omi tu ọ̀fun rẹ̀ kó má baà wúkọ́, wọ́n fi bẹ́líìtì di orí rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Nínú àwòrán tuntun, àwọn ìlà bọ́ sí ìsàlẹ̀, sí ibi ẹnu. Ẹ̀yìn ọpọlọ mọ́, etí egungun sì gún régé. Dókítà tó ń tọ́jú etí ló wá rí i pé inú etí ni òòyì ti ń wá. Ó tẹ́ bàbá sílẹ̀, ó ń yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹyinjú rẹ̀ tó ń gbọ̀n fi dúró, tí òòyì náà sì lọ.

Kẹ́hìndé jáde lọ jókòó ti Sàlámì. Ìyẹn bi í léèrè ohun tí wọ́n rí.

“Ọta yín ni, Bàbá. Orí bàbá mi mọ́.”

Sàlámì ṣí fìlà, ó fi bojú. Ó pẹ́ kó tó ṣí i kúrò.

Nínú mọ́tò tí wọ́n ń bá bọ̀, nígbà tí wọ́n kọjá Èrúwà, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọjọ́ náà fún Kẹ́hìndé: ibi tó dúró, bí koríko ṣe mì. Ó ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti apá odò.

“Apá òkè ló ti ń fẹ́,” Ògúnbùnmi wí láti iwájú.

Sàlámì gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.