Ògbufọ̀ Tí Kò Sí

Láti ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni Tasneem àti Láyíwọlá ti jọ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Bosso, nínú ìlú Minna, tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn, gba Tasneem síṣẹ́, òun gan-an ló bẹ Ọ̀gá Ajíbóyè pé kí wọ́n gba Láyíwọlá náà. Àbújá ni Láyíwọlá ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ara ìyá rẹ̀ kò sì yá ní Minna.

Nínú àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, Linux nìkan ni Tasneem mọ̀ ọ́n lò, Windows ni Láyíwọlá ń lò. Ìyẹn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí. Tasneem ló kọ fáìlì àṣẹ tí wọ́n fi ń kó gbogbo abala ètò náà jọ: wọ́n á kàn pè é lórí Linux, á sì gbé odidi ètò jáde.

Ọ̀gá fẹ́ dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀. “Nínú ẹ̀yin méjèèjì ni màá ti mú olórí,” ni wọ́n wí, “lẹ́yìn tí àwọn àlejò wa láti Chanchaga bá ti wá wo iṣẹ́ yín.”

Nígbà tó ku ọ̀la kí àlejò dé, Láyíwọlá ṣí fáìlì náà lórí Windows rẹ̀, ó fi orúkọ ilé ìwòsàn àwọn àlejò náà sí i, ó sì fi í ránṣẹ́ síbi tí gbogbo wọn ń kó iṣẹ́ sí. Láàárọ̀, Tasneem gbà á sórí ẹ̀rọ tirẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ kan ṣoṣo ló sáà wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, Dókítà Nàímátù, tó ni ilé ìwòsàn náà, fẹ́ kí wọ́n ṣe àtúnṣe kékeré kan lójú òun. Tasneem ṣe é, ó pe fáìlì àṣẹ. Èyí ló jáde lára ògiri tí wọ́n ń tan ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sí níwájú gbogbo wọn:

/bin/bash^M: bad interpreter: No such file or directory

Bash ni ògbufọ̀ tó ń ka àṣẹ inú fáìlì náà fún ẹ̀rọ. Tasneem wá a, ó rí i níbi tó máa ń wà. Ó tún pe fáìlì, èsì kan náà. Ó rò pé ìdọ̀tí lásán ni àmì tó lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ náà.

“Kí ni ẹ̀rọ ń sọ?” Dókítà béèrè.

“Ó ní òun ò rí bash, mà. Ṣùgbọ́n ó wà ńbẹ̀.”

Ọ̀gá yíjú. “Láyíwọlá, kí ló dé?”

Láyíwọlá fẹ̀yìn ti àga. “Tasneem ló kọ fáìlì yẹn, sà. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa Linux.”

Dókítà Nàímátù dìde. “Haba! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí n kó ìwífún àwọn aláìsàn mi lé lọ́wọ́?” Wọ́n lọ.

Tasneem kò jẹun ọ̀sán. Ó fi àṣẹ tó ń fi ohun tó fara pamọ́ hàn ṣí fáìlì náà, ó sì rí ^M ní ìparí gbogbo ìlà. Windows máa ń fi àmì kan tí ojú kì í rí kún ìparí ìlà. Linux kò mọ̀ ọ́n sí ìparí ìlà. Ara orúkọ ló kà á sí. Bash tó ní ìrù ni ẹ̀rọ ń wá, irú rẹ̀ kò sì sí. Nínú ìtàn fáìlì náà, orúkọ Láyíwọlá ló wà lára gbogbo ìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ló fọwọ́ kàn. Tasneem fi àṣẹ kan yọ àwọn àmì náà kúrò. Ó pe fáìlì. Ó ṣiṣẹ́ délẹ̀. Ó wá fi òfin kan sí ibi ìkóṣẹ́sí, pé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìparí ìlà Windows mọ́.

Ó bá Láyíwọlá lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

“Ìparí ìlà Windows ni,” ó ní. “Láti ọwọ́ rẹ ló ti wá.”

Láyíwọlá kò wo ojú rẹ̀. “Mo mọ̀.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Bó ṣe jáde báyìí ni mo ti dá a mọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Àbújá rí.”

“Ìṣẹ́jú kan péré ni à bá fi tún un ṣe, Láyíwọlá. Àwọn àlejò ṣì jókòó nígbà yẹn.”

“Ká ní mo sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èmi ni mo bà á jẹ́,” ó ní. “Ìwọ ni wọn ì bá sì mú ṣe olórí.”

Tasneem lọ bá Ọ̀gá, ó fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n. Ọ̀gá wò ó, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Ó yé mi. Ṣùgbọ́n lójú àlejò, ọwọ́ rẹ ló bàjẹ́ sí. Ó yẹ kó o yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dé.”

“Òun mọ̀ ọ́n, sà, ó dákẹ́.”

“Mi ò lè fi ìdákẹ́ dá èèyàn lẹ́bi, Tasneem.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi Láyíwọlá ṣe olórí ẹ̀ka tuntun. Tasneem fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí òmíràn lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Láyíwọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Tasneem, ó ń rẹ́rìn-ín bíi ti ilé ẹ̀kọ́.

“Tasneem, ṣé o sùn dáadáa?”

Tasneem dìde nílẹ̀ fún un.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ó ní.

Ẹ̀rín kú lójú Láyíwọlá. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.