Ìlẹ̀kẹ̀ Àwọn Tí Mo Dá Padà

Ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ bínú sí mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, àtàǹpàkò mi á ti le gbagidi, n kò ní lè ṣí ìdérí ọṣẹ irun. Dókítà tẹ ọrùn-ọwọ́ mi títí mo fi fẹ́ẹ́ gbá a létí, ó wá ní iṣan ibẹ̀ ti wú, kí n fún un nísinmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọwọ́ náà ò ní lè dirí mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bínú délé. Onídìrí ni mí. Ọwọ́ yìí ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá ní kí n gbé e sinmi, kó kúkú ní kí n ti ilẹ̀kùn pa.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò tóbi. Àga méjì ló wà níbẹ̀, jígí méjì, báṣíìnì ìfọrun kan, àti fèrèsé tó kọjú sí títì. Àga kejì ni mo máa ń gbé báàgì mi lé. Mo rà á nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí olóríire tó bá ń ra àga kì í ra ẹyọ kan, ṣùgbọ́n báàgì nìkan ló ń jókòó lórí ẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Iṣẹ́ ò wọ́n mi. Fóònù á máa dún bí ẹni pé gbèsè ni mo jẹ. Èmi á fi èjìká tì í mọ́ etí, irun ẹlòmíì á wà lọ́wọ́ mi, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ààyè mọ́ lọ́sẹ̀ yìí." Nígbà tí ọwọ́ ń dùn mí, mo dín in kù sí orí méjì lóòjọ́. Ọwọ́ sinmi díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo san owó ṣọ́ọ̀bù tán, tí mo ra irun àti òróró, ohun tó kù ò ju ohun tí èèyàn lè fi wọkọ̀ délé lọ.

"Gbówó lé e," ọkọ mi wí. Táìlì ló ń lẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ló sì máa ń gún régé lójú ẹ̀.

"Àwọn oníbàárà mi á sá."

"Àwọn wo? Àwọn tí o ń sọ pé o ń dá padà lójoojúmọ́? Irọ́ ni. Ẹni méjì á pè ọ́, wàá ní gbogbo ayé ló ń pè ọ́."

Mo ní kó wá jókòó ti fóònù fúnra ẹ̀. Ó ní òun ò ráyè, ṣùgbọ́n ó gbé ife dígí kan fún mi: kí n máa ju ìlẹ̀kẹ̀ irun kan sí i fún gbogbo ẹni tí mo bá dá padà, ká lè mọ ẹni tó ń purọ́. Kó tó di pé oṣù náà dé ìdajì, ife kún. Mo gbé e síwájú oúnjẹ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì dúró tì í títí ó fi rí i dáadáa.

"Ó dáa, n kò ní sọ pé irọ́ ni mọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n gbówó lé e síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ lóòótọ́ ò ní lọ."

Mo kó ìlẹ̀kẹ̀ inú ife kúrò, mo sì gbówó lé e. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni fóònù tún bẹ̀rẹ̀, ààyè tún kún, ìlẹ̀kẹ̀ tún ń wọ ife, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yára tó tàtẹ̀yìnwá. Owó tó ń wọlé pọ̀ sí i, ọwọ́ mi ò sì ṣe iṣẹ́ tó jù. Ọkọ mi ń rìn kiri inú ilé bí ẹni tó gba oyè. Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìgbà náà ni Ìyá Tíṣà wọlé. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ jókòó lórí àga mi lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ọ̀dà ara ògiri ò tíì gbẹ. Wọ́n wé ìborùn mọ́rí. Nígbà tí wọ́n tú u, mo rí i pé irun àtijọ́ ti kúrò.

"Mo ti tú u nílé, ọmọ mi," wọ́n wí. "Mo ní bóyá wàá lè dín owó kù díẹ̀ fún mi."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú u, pẹ̀lú ìka tí àrùn oríkèé ti mú le ju tèmi lọ. Wọ́n ti fà á já níwájú, ibi tí irun wọn ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo jígí. N kò gba owó tuntun lọ́wọ́ wọn. Mo fọ orí wọn, mo gbẹ ẹ́, mo dì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, nígbà tí mo sì ṣe tán, mo gbójú sókè wo aago. Ọ̀sán ò tíì pọ́n. Oníbàárà tó kàn ṣì wà nílé ẹ̀. Mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù láìsí nǹkan tí mò ń ṣe.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Gbogbo àárọ̀ mi, kì í ṣe irun dídì ló ń jẹ ẹ́. Títú ni, fífọ̀ ni, gbígbẹ ni. Tí mo bá wá dì í, èyí tó ṣòro ò ju ìdí irun lọ, ibi tó ti so mọ́ orí. Tí mo bá ti mú ìdí ẹ̀ dáadáa, ìyókù títí dé ìsàlẹ̀ ò ju kí ọwọ́ máa yí lọ. Ìyókù yẹn gan-an ló ń pa ọrùn-ọwọ́ mi. Mò ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ tí kò pọn dandan kó jẹ́ ọwọ́ mi.

Lálẹ́, ọkọ mi ń fọ símẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo bi í pé, "Ta ló ń po símẹ́ńtì fún yín níbi iṣẹ́?"

"Lébìrà ni. Tí mo bá ń pò ó fúnra mi, ìgbà wo ni mo máa lẹ táìlì?" Bó ti sọ ọ́ tán, ó gbójú sókè wò mí.

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì ní kí n gbówó lé e dípò kí n gba òṣìṣẹ́."

"Owó dára, o jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó. "Ṣùgbọ́n gbọ́. Lébìrà mi, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wà ni mò ń san tiẹ̀. Òṣìṣẹ́ tìẹ, bí oníbàárà wá, bí wọn ò wá, oṣù á parí, ó máa gbowó. O lè sọ pé oò rí owó mú lọ sílé. Oò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

Ó da ìlẹ̀kẹ̀ inú ife tí mo gbé wálé sórí tábìlì, kìkì àwọn tó wọ ife lẹ́yìn tí mo gbówó lé e, torí ó ní àwọn yẹn ni wọ́n mọ iye owó tí wọ́n sì ṣì ń bọ̀. Ó fi ìka ya wọ́n sọ́tọ̀: àwọn wọ̀nyí á san owó oṣù, àwọn wọ̀nyí á ra irun àti ọṣẹ. Ó tún yọ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àwọn wọ̀nyẹn kàn ń pè kiri ni. Èyí tó ṣẹ́kù ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́kù.

"Ṣé kì í ṣe ọlidé ló fà á?" ó bi mí.

"Ọlidé ti kọjá tipẹ́. Àwọn tó ń pè ò dín kù."

"Tó bá jẹ́ pé oṣù àkọ́kọ́ kò mú nǹkan wọlé ńkọ́? Òṣìṣẹ́ tuntun máa ń jẹ owó kó tó pa owó wọlé."

Mo ní owó kan tí mò ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ ìgbẹrun tuntun. Ó máa tó owó oṣù mẹ́ta. Ìgbẹrun àtijọ́ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ irun. Mo ní kó máa pariwo lọ.

Mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé mò ń wá ẹni tí yóò bá mi ṣiṣẹ́. Obìnrin tó wọlé ti ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ rí, ó sì ń dirí fún àwọn àbúrò ẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe sọ̀rọ̀: mo ní kó wá máa kọ́ṣẹ́ ná, tó bá di oṣù mélòó kan a máa sọ ti owó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó wí. "Ọmọ iṣẹ́ ló ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí ẹ kọ sára ilẹ̀kùn ni mo kà. Mo wá ṣiṣẹ́."

Inú bí mi. Mo ti ní èsì lẹ́nu, èsì tó dáa, tó máa dùn ún dé ilé. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Owó ẹ̀ ti wà nílẹ̀, mo kàn fẹ́ẹ́ rí i bóyá màá rí ọ̀fẹ́ ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo tú gèlè orí mi. Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀: irun tó wà lábẹ́ gèlè yẹn, mi ò fẹ́ kí oníbàárà kankan rí i.

"Tú u," mo wí.

Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ìdí. Ibi tó bá ta kókó, á fi omi sí i, á dúró. Kò fà mí lórí lẹ́ẹ̀kan. Kó tó tú u tán, oníbàárà wọlé, mo sáré wé gèlè mi padà, mo sì sọ iye owó oṣù fún un.

Oṣù àkọ́kọ́, ọkọ mi ò purọ́. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ mi rọ̀ jù, irun tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan orí oníbàárà kan, mo tún un dì lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ìgbẹrun bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo bínú, mo kọ́ ọ, mo tún bínú. Ní oṣù kejì, mo ń mú ìdí irun, ó ń dì í dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, a jọ ń dúró ti orí kan, èmi lọ́tùn-ún, òun lósì, torí pé ọlọ́wọ́ òsì ni, ìgúnpá wa ò sì kọlu ara wọn. Ní ìparí oṣù kẹta, ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ ló san owó ẹ̀. N kò fọwọ́ kan ìyókù owó ìgbẹrun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oníbàárà àkọ́kọ́ pẹ́ dé, òṣìṣẹ́ mi gbé báàgì mi kúrò lórí àga kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Gèlè yẹn ti tó."

Mo jókòó. N kò rántí ìgbà tí mo sùn lọ. Fóònù ló jí mi. Kí n tó la ojú, ọwọ́ mi ti nà sí ibi ìlẹ̀kẹ̀. Ó ti gbé fóònù náà.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Tíṣà," ó wí sínú fóònù. Ó wò mí nínú jígí, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ààyè wà lọ́la, mà. Owó yín àtijọ́ náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u nílé. Àwa la máa tú u."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú ife, ó sì fi í sí ìsàlẹ̀ irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán lórí mi. Mo jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.