Ibi Tí Bọ́ọ̀lù Ti Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Kóòṣì ẹgbẹ́ rọ́gíbì wa mọ ìṣirò gan-an. Ó dúró láàárín yàrá ìmúra, ó ní sikrọ́ọ̀mù mẹ́jọ tó jẹ́ tiwa, tí a forí ti àwọn alátakò, la gbà pátá. Ṣùgbọ́n nínú láìn-áòtù mẹ́wàá tiwa, mẹ́fà péré la gbà. Èmi ni mo ń ju bọ́ọ̀lù wọ àárín ìlà méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ pápá, nítorí náà ó pa orúkọ mi rẹ́ lára bọ́ọ̀dù, ó ní èmi ni mo máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Sátidé.

"Ọwọ́ ẹ ti kú, bọ̀dá," ló wí. Mi ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láyé, títí kan bọ̀dá tó fi parí ẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀, tó máa ń ya fídíò wa láti inú yàrá onígíláàsì lókè pápá, ní ká kọ́kọ́ wo ibi tí mẹ́rin yòókù ti sọnù. Ó fi àmì pupa sára àwòrán pápá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣù jọ síwájú bẹ́ǹṣì wa, bí èèrà tó rí ṣúgà.

"Atẹ́gùn ni," kóòṣì sọ.

"Bàbá ilé mi, ẹ fetí sí atẹ́gùn ọ̀hún."

Ó tan fídíò. Kí n tó ju bọ́ọ̀lù, ohùn ọlọ́gbọ́n kan ń dún ketekete láti bẹ́ǹṣì: "Ẹ̀yìn! Jù ú sẹ́yìn, bọ̀dá!" Àwọn alátakò kì í ṣe adití, ẹ̀yìn náà ni wọ́n gbé èèyàn wọn sókè sí láti já bọ́ọ̀lù gbà.

Kóòṣì wúkọ́, ó ní òun fẹ́ tàn wọ́n jẹ ni. A ní a gbọ́. Ó dá orúkọ mi padà sára bọ́ọ̀dù.

"Kóòṣì wá ńkọ́?" ni kápútẹ́nì béèrè. "Ibo ni wọ́n máa jókòó lọ́jọ́ Sátidé?"

"Lọ́dọ̀ mi lókè," ìyàwó ẹ̀ dáhùn, "lẹ́yìn gíláàsì."