Pátínà Tí Wọ́n Ń Kọ Kúèrì Sí

Ní Ayétòrò, bí o bá pe Kòkúmọ́ ní dírẹ́bà, o ti ṣẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Aṣọ wọn ló ń wọ̀, ọkọ̀ wọn ló ń wà, aago méje àárọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ka sára ẹ̀rọ ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n ń gbé fún un buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdọọdún, "pátínà ìrìnnà" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Nígbà ìsọmọlórúkọ kan ní Afọ̀n, alága pè é ní dírẹ́bà àtàtà. Kòkúmọ́ dìde.

"Ẹ dákun, pátínà ni. Kò sí ọ̀gá lórí mi. Èmi àti ilé-iṣẹ́ la jọ ń ṣe é."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Sẹ̀kínát ìyàwó rẹ̀ náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Ohun tí pátínà kò bèèrè rí ni èyí: àwọn akọ̀wé àti àwọn tó ń gbá ọ́fíìsì, tí wọn kì í ṣe pátínà ẹnikẹ́ni, ilé-iṣẹ́ ń fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kọ̀ọ̀kan owó oṣù wọn sí àpò ìfẹ̀yìntì wọn. Ó tún ń san kọ́bọ̀ kan lórí náírà fún àjọ ìjọba tó ń ṣètọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Fún àwọn pátínà, kò san nǹkan kan. Oyè ni wọ́n fún wọn.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí ìjọba ti bodè pa, àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ Kòkúmọ́ dúró lọ́nà Ìmẹ̀kọ. Nígbà yẹn, gbogbo àpò tó bá funfun ni wọ́n ń fura sí pé ìrẹsì Kùtọnu ni. Wọ́n ní kí àwọn agbẹ́rù tó bá a rìn gòkè lọ tú ẹrù. Kòkúmọ́ ní rárá o, ẹrù òun ni, òun fúnra òun ni yóò fi hàn wọ́n. Ó gòkè, ó dúró lórí àpò bí olóyè lórí ìtẹ́, ó ń ṣàlàyé ìyẹ̀fun. Àpò kan yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì.

Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́rù pe Bàrúwà, máníjà wọn, lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ méje ni òfin fún ilé-iṣẹ́ láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó àjọ ìjọba náà létí. Wọn ò fi tó ẹnikẹ́ni létí. Lọ́sẹ̀ kẹta, Bàrúwà gbé ọsàn àti ìwé kan wá sílé.

"Ẹ̀gbọ́n wa! Pátínà gidi! Ẹ kú àmúmọ́ra o."

"Ọ̀gbẹ́ni máníjà, ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Ìwé kékeré kan ni. Ó kàn sọ pé ẹ dá dúró fúnra yín, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò kan ilé-iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ti ń sọ fún gbogbo ayé."

"Òótọ́ ni."

"Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa ka ẹ̀yin àti àwọn agbálẹ̀ pọ̀ ni?"

Kòkúmọ́ rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí bírò. Sẹ̀kínát fi abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná sí ọwọ́ tó nà.

"Ẹ̀kọ yìí ń tutù, Bàbá Toyibat. Ẹ má bínú o, Bàrúwà. Tó bá mu ún tán, ó ní láti sùn."

Bó ṣe lé máníjà lọ nìyẹn, tó sì tún fi ọsàn mẹ́fà dá a padà pé kó bá òun kí ìyàwó rẹ̀.

Òkìrìkà tó ń gba bodè wọlé ni Sẹ̀kínát ń tà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tì í, ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà kò ní ju ìkọ́ aṣọ lọ. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló kù tí ilé fi dúró, dókítà sì ti sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò rọ. Lọ́jọ́ kejì, Sẹ̀kínát wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àjọ tó ń ṣètọ́jú òṣìṣẹ́ tó fara pa, ní Abẹ́òkúta. Obìnrin kan níbẹ̀, Ìyáàfin Mákindé, fetí sí i dáadáa.

"Màmá, orúkọ tí wọ́n fi pè é kọ́ la máa kọ́kọ́ wò. Ta ló ń sọ ìgbà tó máa dé? Ta ló ni ọkọ̀? Bó bá ṣẹ̀, ta ló ń bá a wí? Ẹ mú ìwé tó bá fi ìyẹn hàn wá."

Nígbà tó délé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n dì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìwé ìbáwí?" Kòkúmọ́ na ọrùn sókè. "Ta ni yóò bá mi wí?"

Sẹ̀kínát ń fi aṣọ tútù nu itan rẹ̀ lókè ibi tí wọ́n dì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Ọkùnrin náà yíjú sí ògiri.

"Sẹ̀kí."

"Mò ń gbọ́."

"Kóòtù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Àpò inú. Má rẹ́rìn-ín o."

Kúèrì mọ́kànlá, ìwé ìbáwí ilé-iṣẹ́, ló wà níbẹ̀. Ó fi ìṣẹ́jú méjìlá pẹ́ dé. Ó páàkì ọkọ̀ láti kí àna rẹ̀. Ó kọ̀ láti fọ táyà. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀dà ìdáhùn rẹ̀ wà: "Ọ̀gá, ẹ foríjì mí. Èmi ni ọmọ iṣẹ́ yín tó ń gbọ́ràn." Sẹ̀kínát kà á tìfura-tìfura, kò rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó dé ibi kúèrì tó sọ pé ó wọ sílípáàsì wakọ̀.

"Èyí tí mo rà fún ọ lọ́jà Ìpókíá?"

"Òun náà ni."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn méjèèjì títí itan fi ń dun Kòkúmọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Nígbà tí Sẹ̀kínát dákẹ́, ó ní, "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìwọ nìkan ló ń ru nǹkan yìí." Ó fi ọwọ́ kan ojú ọkọ rẹ̀. Kòkúmọ́ kò gbé e kúrò.

Wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta lórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò. Ìyáàfin Mákindé to àwọn kúèrì náà sórí tábìlì ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ó gba ìwé ìwòsàn, ó kọ orúkọ Kòkúmọ́ sínú ìwé.

"Àwọn òṣìṣẹ́ wa yóò lọ ṣèwádìí níbẹ̀. Bó bá rí bí mo ṣe ń wò ó, a óò bójú tó ẹsẹ̀ yín, ilé-iṣẹ́ yóò sì san ohun tí kò san. Ti owó ìfẹ̀yìntì, àjọ tirẹ̀ yàtọ̀. Màá júwe rẹ̀ fún yín."

Fóònù Kòkúmọ́ dún. Bàrúwà ni. Fóònù náà ti bàjẹ́, orí sípíkà nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló sì ń gbọ́ ọ.

"Kòkúmọ́! Wọ́n ní ẹ wà l'Abẹ́òkúta! Ta ló fún yín láyè? Ṣé ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ mi kẹ́ ẹ tó kúrò nílé?"

Ìyáàfin Mákindé dáwọ́ dúró lórí ìwé. Sẹ̀kínát di apá ọkọ rẹ̀ mú. Kòkúmọ́ mí kanlẹ̀, ó jókòó dáadáa.

"Rárá o, ọ̀gá," ó ní, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́. "N kò gbàṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú kúèrì. Ẹ buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì fi déètì sí i."