Ẹ̀rín Renita

Lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Memphis, ooru gbé Renita bí ẹni tó ń léfòó lórí omi. Láàárọ̀, ó fi ọgọ́rùn-ún dọ́là ránṣẹ́ látorí fóònù sí ọkùnrin kan tí kò rí rí, tó ní òun á sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún. Renita ti ń rí ilé tó máa gbà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀.

Fóònù dún. Ọkùnrin náà ní owó ti pọ̀ sí i, àmọ́ kí Renita kọ́kọ́ ya fídíò ara rẹ̀, kó sọ níbẹ̀ pé owó ti dé ọwọ́ òun, kó tó lè rí i gbà. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Renita rẹ́rìn-ín sí fóònù: "Ẹ̀yin èèyàn mi, owó ti wọlé o! Òótọ́ ni!" Ẹ̀rín náà dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

Bó ṣe fi í ránṣẹ́ báyìí, ọkùnrin náà ò dáhùn mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Verlene, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, já wọlé tayọ̀tayọ̀, ó ní òun ti rí ọkùnrin kan tó ń sọ ọgọ́rùn-ún dọ́là di ẹgbẹ̀rún.

"Àǹtí, ẹ má fún ọkùnrin yẹn lówó o! Olè ni!"

"Olè kẹ̀? Ṣé o fẹ́ dá a jẹ ni? Mo ti fi owó ilé mi ránṣẹ́, jàre." Ó na fóònù sí i. Ojú Renita ló wà níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìwọ náà lo ní òótọ́ ni."