Àmì Ọkọ̀ Òfuurufú

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé níbi tí iná kì í ti í dúró, ilé Àǹtí Oníkẹ́mísìtì ni kẹ́ ẹ wá. Orúkọ tí àdúgbò fún un nìyẹn, torí ó ti pẹ́ tó ti ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù ìkóríta débi pé àwọn kan rò pé òun ló ni ín. Òun kọ́ ló ni ín. Ọ̀gá ló ni ín, ọ̀gá yìí náà ló sì pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ lọ́jọ́ kan, tó ní òfin tuntun ti dé, pé ẹni tí kò bá yege ìdánwò àwọn tó ń ta oògùn kò gbọdọ̀ dúró sídìí káńtà mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹni tó bá ti kúrò nídìí káńtà, ilé ló ń lọ.

Àǹtí ò fẹ́ lọ sílé. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ bíríkìlà sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Owó oṣù Àǹtí ló ń gbé ilé náà ró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ ọ́ síta kí ojú má baà ti ọkọ rẹ̀.

Inú áàpù kan lórí fóònù ni ẹ̀kọ́ ìdánwò náà wà. Fídíò ni wọ́n, olùkọ́ ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló ń kọ́ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa wò ó tààrà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dátà rẹ̀ á tán kí olùkọ́ tó kí i tán. Àǹtí bá fara balẹ̀, ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn. Ó dúró de ìgbà tí dátà máa ń dínwó, ó mú àwòrán tó kéré jù nínú gbogbo èyí tí áàpù fi lọ̀ ọ́, ó sì gba gbogbo ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwòrán náà ṣe bàìbàì, èèyàn ò lè mọ imú olùkọ́ yàtọ̀ sí ẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ já geere. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ wọlé tán, Àǹtí tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó wà lókè fóònù, èyí tó máa ń gé fóònù kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ọjọ́ yẹn, kò tẹ̀ ẹ́ kúrò mọ́.

Ó nídìí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù tí kò wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri kì í tètè jẹ bátìrì, dátà rẹ̀ kì í sì í jò. Ó dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ kù. Ojúmọmọ ló fi ń ka ohun tó kọ sínú ìwé, ó wá ń fi fídíò sí ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, torí fóònù ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù rọ iná sínú páwà báńkì rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń gbé e bọ̀ nínú báàgì bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn.

"Ṣé ọkọ̀ òfuurufú yín ò ní balẹ̀ lónìí ni?" ni yóò wí nígbà tó bá wọlé tó rí i tó tẹjú mọ́ fóònù.

"Ó ṣì wà lókè," ni Àǹtí máa ń dá a lóhùn. "Ẹ lọ wẹ̀, ẹ má rùn sí pásẹ́ńjà."

Nínú àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, Kékeré nìkan ni kò kọ́ ìwà yìí lára Àǹtí. Kékeré ni ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ta oògùn, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí ara rẹ̀ kéré, ọjọ́ orí rẹ̀ náà sì kéré. Òun náà ti gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń tan dátà, tó ń ṣí áàpù wò, tó ń bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ. Àǹtí máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ná dátà bí ẹni tí bàbá ẹ̀ ló ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kékeré á kàn rẹ́rìn-ín. Kì í dá àgbà lóhùn.

Ẹ̀kọ́ tó rọrùn ni Àǹtí kọ́kọ́ kà. Ó fi ìṣirò ìwọ̀n oògùn sẹ́yìn pátápátá. Ó ní tó bá súnmọ́ ìdánwò ló máa dúró lọ́pọlọ, àbí? Irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀. Ẹ̀rù ìṣirò ló ń bà á láti kékeré, ó sì dùn mọ́ ọn pé òun rí ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti sá fún un.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàù. Iná lọ, kò padà. Ọ̀gá ṣàánú wọn, ó ní òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sátidé àti Sọ́ńdè kí wọ́n lè ráyè kàwé, torí Mọ́ńdè ni ìdánwò. Gbogbo wọn dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé bí ṣọ́ọ̀bù bá tì, jẹnẹrétọ̀ náà ti tì nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé ni Àǹtí jókòó sójú fèrèsé, ó ṣí ìwé tuntun, ó gé pẹ́ńsù rẹ̀ ṣóńṣó, ó tẹ ẹ̀kọ́ ìṣirò. Olùkọ́ ò jáde. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ló jáde, pé ẹ̀kọ́ yìí ti kọjá àkókò rẹ̀, kó so fóònù mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó lè wò ó. Ó tẹ ẹ̀kọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó tẹ àwọn tó ti wò tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà. Inú rẹ̀ bà jẹ́.

Ó tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú kúrò. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Iná tó lọ ti mú òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí lọ pẹ̀lú rẹ̀, bátìrì ìdí òpó ti kú. Ọkọ rẹ̀ yọ síìmù tirẹ̀ fún un torí dátà ṣì kù lórí ẹ̀, ó sì sìn ín gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń yọjú láti ọ̀nà jíjìn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọjú lóòótọ́. Fóònù tí kò rí ayé láti ọjọ́ yìí wá, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àtẹ̀jíṣẹ́ oṣù kan rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́tò ìsọmọlórúkọ, fídíò àwọn àbúrò tó ń jó, àdúrà ẹlẹ́gbẹ́ ilé ìwé, gbogbo áàpù inú fóònù sì ní àwọn fẹ́ sọ ara àwọn di tuntun. Àǹtí ò tíì pa ètò tó ń jẹ́ kí áàpù máa tún ara wọn ṣe fúnra wọn rí, torí kò sígbà tí fóònù rẹ̀ ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó tó mọ èyí tó máa tẹ̀, dátà ti tán. Áàpù ìdánwò kàn ní kó tún gbogbo ẹ̀kọ́ gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù ti fa páwà báńkì gbẹ láàárín wíwá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, òun náà sì kú kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí Àǹtí sunkún.

Ní Sọ́ńdè, ó lọ sílé Kékeré. Nínú yàrá kan ṣoṣo ni Kékeré ń gbé, ó jókòó sórí ẹní, fóònù rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

"Báwo ni tìẹ ò ṣe kú?" ni Àǹtí bi í.

Kékeré wolẹ̀. "Àǹtí, áàpù yẹn máa ń fẹ́ rí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù, kó lè mọ̀ pé èèyàn ṣì wà ńbẹ̀. Bí kò bá ti rí i, á ti ẹ̀kọ́ pa. Wọ́n kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó jáde nígbà tá a kọ́kọ́ ṣí i. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Àǹtí rántí bí ọmọ náà ṣe ń ṣí áàpù wò láràárọ̀. Gbogbo ìgbà tó ń fi ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀kọ́ ọmọ náà ló ń wà láàyè.

"Ṣé o ò lè fi ránṣẹ́ sí mi ni?"

"Kò ṣeé fi ránṣẹ́, Àǹtí. Áàpù ló tì í mọ́ inú ara ẹ̀. Ẹ jókòó ká jọ wò ó."

Bátìrì fóònù Kékeré ò tó nǹkan mọ́, òun náà ò rí ibi rọ iná. Ẹ̀kọ́ ìṣirò méjì ló wà, àkọ́kọ́ fún ìpìlẹ̀, èkejì fún oògùn ọmọdé. Kékeré ti wo àkọ́kọ́. Èkejì ló kù fún un, òun ló sì ń fi bátìrì pa mọ́ dè.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí? Ibo lẹ bá a dé?"

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Kékeré wo bátìrì, ó wo Àǹtí. Àǹtí rí i pé ó wo bátìrì. Ó yẹ kó sọ pé, "Wo tìẹ, ọmọ mi, má dá mi lóhùn." Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó rántí ilé, ó rántí owó oṣù, ó sì gbé e mì. Kékeré tẹ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n wò ó tán. Àǹtí kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé kò le tó bó ṣe ń bẹ̀rù. Wọ́n bọ́ sí èkejì. Wọ́n ti dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù débi tó lè dín kù dé, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Olùkọ́ ní ọmọ kan wọn kílò méjìlá, miligíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kọ fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ó sọ méjèèjì di púpọ̀, ó ní ọgọ́sàn-án miligíráàmù ni. Àǹtí kọ ọ́. Olùkọ́ fi ìgò oògùn olómi hàn, ó ní, "Ṣùgbọ́n miligíráàmù kọ́ là ń bù fún ọmọ, oògùn olómi ni. Ìgò yìí ní ọgọ́fà miligíráàmù nínú mílílítà márùn-ún. Ohun tá a máa ṣe báyìí ni pé..."

Fóònù kú.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo gíláàsì dúdú tí ojú àwọn méjèèjì hàn nínú ẹ̀. Kékeré tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó tún un tẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ló wí, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

Ní gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àǹtí dáhùn ìbéèrè tó pọ̀, ó sì dáhùn wọn dáadáa. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ọmọ tó wọn kílò mẹ́rìnlá, ìwọ̀n oògùn kan náà, ìgò kan náà. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹni tí kò bá gba ìbéèrè yìí kò yege, torí oògùn ọmọdé kì í ṣe eré. Àǹtí sọ ọ́ di púpọ̀: igba ó lé mẹ́wàá miligíráàmù. Ó kọ ọgọ́fà sábẹ́ ẹ̀, ó kọ márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ara páálí oògùn ló ti máa ń ka ìwọ̀n fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, ọjọ́ orí ọmọ ló sì ń wò. Ó di ojú, ó gbọ́ ohùn tútù yẹn kedere. Ohun tá a máa ṣe báyìí ni pé. Ó tún gbọ́ ọ. Kò kọjá ibẹ̀.

Ó gbé ojú sókè. Ìjókòó kejì sí tirẹ̀ ni Kékeré wà. Bírò rẹ̀ dúró sójú kan lórí ìwé, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nídìí ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn kan náà. Kékeré rí i pé Àǹtí ń wo òun, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó tẹrí ba díẹ̀, bó ṣe máa ń kí i láràárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.